Ìbéèrè àti ìdáhùn: kíkọ àlàyé ìlànà ẹ̀tọ́ fún ìwádìí láàrin àwọn opó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun tàbí ní Ìlíṣàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì gba kó jókòó ti ènìyàn kó bi í ní ọ̀rọ̀ tó ń dùn ún, ni a kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. Kí ọ̀rọ̀ má bàa fẹ́ jù, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa lò láti òkè dé ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ lọ sí abúlé mélòó kan láàrin Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, kó bá àwọn opó tó ń dín gàrí sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé àti ilẹ̀ ọkọ wọn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo tò ó pọ̀ fún àlàyé ni, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó.

Kí ni ìgbìmọ̀ ifáfitì tó ń yẹ ìlànà ẹ̀tọ́ ìwádìí wò ń wá gan-an nínú àlàyé yìí?

Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti kà ló ń sọ pé "ìwádìí yìí yóò tẹ̀lé gbogbo ìlànà ẹ̀tọ́, a ó sì pa àṣírí àwọn olùdáhùn mọ́." Gbólóhùn yẹn kò sọ nǹkan kan. Ta ló máa pa á mọ́? Níbo? Títí dìgbà wo? Tí fóònù bá sọnù ńkọ́? Ohun tó ń mú kí ìgbìmọ̀ dá fọ́ọ̀mù padà jù lọ nìyẹn.

Àwọn ìwé tí wọ́n máa fi wọ̀n yín kò pọ̀. Ìwé Belmont tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà ní 1979 ló fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀: ká bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń bi ní ìbéèrè, ká má pa á lára, ká má sì kó ìnira lé ẹgbẹ́ kan lórí kí ẹgbẹ́ mìíràn wá jẹ èrè rẹ̀. Ní Nàìjíríà, a ní ìlànà ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2007, a sì ní Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023. Ẹ má wulẹ̀ to orúkọ wọn jọ sí abala kìíní bí ẹni ń kí ìjòyè. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni kí ẹ ti dárúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń pe opó tó ń dín gàrí ní ẹni tó rọrùn láti pa lára? Ọ̀pọ̀ nínú wọn lágbára jù wá lọ.

Òótọ́ ni. Obìnrin tó ń gbé àpò gàrí, tó ń ra ẹ̀gẹ́ lóko, tó tún ń bá ọlọ́kọ̀ dúnàádúrà kì í ṣe aláìlera. Ipò tó wà ló fi í sínú ewu, nítorí náà ipò yẹn ni kí ẹ ṣàlàyé.

Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá wọn, bóyá nípa ìdí igi, ìyẹn pípín ogún sí ọ̀dọ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí orí ojorí, ìyẹn pípín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan ń gbé inú ilé náà nítorí ọmọ tó bí, tàbí nítorí pé ẹbí ọkọ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹbí náà bá gbọ́ pé ó ń kó ọ̀rọ̀ ilé síta fún àwọn ará ifáfitì, ibi tó ń sùn lè yí padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ti wà ní kóòtù, ohun tó sọ fún yín lè di ohun tí wọ́n máa fi mú un. Ẹ kọ ewu wọ̀nyí bí wọ́n ṣe rí, kí ẹ sì sọ ẹni tó lè ṣe é lófò: àbúrò ọkọ, ìyálé, olórí ẹbí, àwọn tí wọ́n jọ ń dín gàrí. Ìgbìmọ̀ tó bá ti rí i pé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ rẹ̀ á rọrùn láti bá sọ̀rọ̀.

Baálẹ̀ ti gbà, olórí ẹbí náà sì ti gbà. Ṣé ìyẹn kò tó?

Baálẹ̀ fún yín láyè láti wọ abúlé ni. Kò lè bá ẹlòmíràn gbà láti sọ̀rọ̀. Ẹ lọ kí i, torí ẹni tó bá wọ abúlé wa láìkí baálẹ̀ kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lọ́nàkọnà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé yín pé ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò dípò ti obìnrin náà.

Ibi tó le ni pé baálẹ̀ á fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Á ránṣẹ́ pe àwọn opó wá sí ojúde rẹ̀, á ní "ẹ dá ọmọ yìí lóhùn o." Tani nínú wọn tó máa sọ pé òun kò ṣe? Bákan náà, gbogbo ẹni tó jókòó lójúde náà ti mọ àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀, bí ẹ tilẹ̀ pa orúkọ wọn mọ́ títí ayé. Ọgbọ́n tó máa ń gbà ni kí ẹ sọ fún baálẹ̀ pé ìgbésí ayé àwọn obìnrin tó ń dín gàrí ni ẹ wá kọ́ nípa rẹ̀, kí ẹ sì bá oríṣiríṣi obìnrin sọ̀rọ̀ lóòótọ́: ẹni tó lọ́kọ, ẹni tí kò lọ́kọ, àgbà, ọ̀dọ́. Tí a bá rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ opó kan, kò ní túmọ̀ sí nǹkan kan. Èyí kì í ṣe irọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá lo ohun tí gbogbo wọn sọ, tí ẹ sì ṣàlàyé ìdí iṣẹ́ náà ní kíkún fún opó kọ̀ọ̀kan kó tó la ẹnu. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú àlàyé, kí ìgbìmọ̀ má bàa rò pé ẹ̀tàn ni.

Olórí ẹbí ọkọ ńkọ́? Ẹ má lọ bá a. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà lè kàn.

Tí ìyá náà kò bá mọ̀wé ńkọ́? Ṣé kó tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù?

Mo mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tí ẹ̀ka yín fún yín ní àyè ìfọwọ́sí àti àyè àtàǹpàkò. Síbẹ̀, ẹ fi ara yín sí ipò opó tí ẹbí ọkọ fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìwé wo ló ti ń gbọ́ pé àwọn ènìyàn tẹ̀ka sí, tí wọ́n sì fi pàdánù ilẹ̀? Àlejò kan wá dé pẹ̀lú tàdáwà aláwọ̀ búlúù, ó ní kó tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí kò lè kà. Bí ó bá kọ̀, ó gbọ́n. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù lè má jẹ́ kó sọ òótọ́ kan tó nítumọ̀ mọ́.

Ohun kejì tún wà. Nínú irú ìwádìí yìí, fọ́ọ̀mù tí a fọwọ́ sí ni ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ obìnrin náà ti fara hàn. Ẹ ti sọ ọ́ di nọ́ńbà níbi gbogbo, ẹ wá kó ìdìpọ̀ fọ́ọ̀mù tó ní orúkọ àti ìka rẹ̀ sínú àpótí ní yàrá hósítẹ́ẹ̀lì. Kódà òfin ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ìgbìmọ̀ yọ̀ǹda kí a má gba ìfọwọ́sí nígbà tó bá jẹ́ pé ìwé náà nìkan ló so ẹni náà mọ́ ìwádìí, tí ewu tó tóbi jù sì jẹ́ pé àṣírí lè tú. Ẹ lè tọrọ irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yín. Ìyọ̀ǹda ẹnu ni ẹ máa gbà: ẹ máa ka ọ̀rọ̀ náà fún un, ẹ máa gba ìdáhùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ láìdárúkọ, ẹ̀yin fúnra yín ló sì máa fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kà á fún olùdáhùn kẹrin, pé ó sì gbà, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Tí ìgbìmọ̀ bá ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà, kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yan ẹlẹ́rìí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ ilé ọkọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹlẹ́rìí dúró kọjá ìgbà tí ìyọ̀ǹda bá parí, àfi tí ìyá náà bá ní kó dúró.

Kí ni kí n wá sọ fún un?

Ohun tó lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì yé e. Ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́ta tí a túmọ̀ láti inú fọ́ọ̀mù oyìnbó kì í yé ẹnikẹ́ni. Àwa máa ń dábàá irú ọ̀rọ̀ báyìí:

"Ẹ kúuṣẹ́, Ìyá. Ọmọ ifáfitì ni mí, ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́, ìjọba kọ́ ló rán mi, ẹnì kankan nínú ẹbí yín kò sì rán mi. Mo fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú, pàápàá nípa ilé àti ilẹ̀. Tí ẹ bá gbà, a máa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Mo fẹ́ fi fóònù gba ohùn yín kí n má bàa gbàgbé, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá fẹ́, màá fi ọwọ́ kọ ọ́. Màá pa ohùn náà rẹ́ tí mo bá ti kọ ọ́ tán. N kò ní kọ orúkọ yín, n kò sì ní kọ orúkọ abúlé yìí. Àmọ́ n kò lè fi dá yín lójú pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yín dáadáa kò ní fura tó bá ka ìwé náà. N kò lè bá yín gba ilẹ̀ padà, n kò sì lè bá yín bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ ní ká fò ó. Ẹ lè ní ká dáwọ́ dúró nígbàkigbà, kò sí ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ."

Ẹ wo gbólóhùn nípa ilẹ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ opó á rò pé ẹni tó wá láti ifáfitì lè ràn án lọ́wọ́ ní kóòtù. Bí ẹ kò bá gé ìrètí yẹn ní kíákíá, ìyọ̀ǹda tí ẹ gbà kò dúró lórí òótọ́. Bákan náà, Ìjẹ̀bú ni kí ẹ fi sọ ọ́ tí ẹ bá gbọ́ Ìjẹ̀bú. Tí ẹ kò bá gbọ́, ẹ sọ nínú àlàyé ẹni tó máa ṣe ògbufọ̀ àti ibi tó ti wá, torí ọmọ abúlé kan náà kọ́ ló yẹ kó ṣe é.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó gbà lóòótọ́, pé kì í ṣe ojú ló ń tì í?

Àwa Yorùbá kì í kọ̀ fún àlejò lójú. "Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ padà wá lọ́túnla" tí a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò mọ́, ó ti kọ̀ nìyẹn, ẹ kí i kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa túmọ̀ rẹ̀. Èmi kì í rí i nínú fọ́ọ̀mù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà tó dára jù láti yẹ òye wò ni kí ẹ ní kó sọ ọ́ padà. Ẹ lè ní, "Ìyá, tí àbúrò yín bá bi yín pé kí lọmọ yìí wá ṣe, kí lẹ máa sọ fún un?" Tó bá dáhùn pé "ó wá bá mi rí lọ́yà," ẹ mọ̀ pé kò tíì yé e. Ẹ tún un sọ. Tí kò bá tún yé e, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ìyọ̀ǹda kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ohun tó le, ẹ dúró díẹ̀, ẹ bi í bóyá ká máa bá a lọ.

Ṣé mo lè fún un ní owó tàbí ẹ̀bùn?

Ẹ lè fún un, ó tilẹ̀ tọ́, torí àkókò tó fi bá yín sọ̀rọ̀ ni agbada rẹ̀ fi dúró láìsí ẹni tó ń rò ó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí iye náà sún mọ́ ohun tó pàdánù ní wákàtí yẹn, kó má pọ̀ débi tí kò ní lè kọ̀, kí ó sì gbà á bó bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró láàrin. Iye kan náà ni kí gbogbo wọn gbà.

Mo ti yọ orúkọ kúrò. Ṣé kò tíì tó?

Kò tó, ibí sì ni mo fẹ́ ká dúró sí fún ìgbà díẹ̀. Ní ìlú ńlá, orúkọ ló ń tọ́ka sí ènìyàn. Ní abúlé tí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó kú, ìgbà tó kú àti ẹni tó sin ín, ìtàn ló ń tọ́ka. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni pé obìnrin kan sọ ọ́ sínú fóònù yín:

"Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni bàbá Táíyé kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó aṣọ régbérégbé wa ni. Èmi ni ìyàwó kejì. Kí a tó ṣe ogójì ọjọ́, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe tísà ní Orù ti wá ti ilẹ̀kùn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n kó agbada gàrí mi kúrò lẹ́yìnkùlé."

Kò sí orúkọ obìnrin náà níbẹ̀. Ẹ wá kà á bí ará abúlé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, nítorí náà ọjọ́ ikú ti hàn gedegbe, ẹni tó bá rántí òkú ọjọ́ náà ti mọ ilé. "Bàbá Táíyé" sọ pé ìbejì wà nínú ilé, nílẹ̀ wa sì rèé, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá, tó fi jẹ́ pé orúkọ ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀ ni orúkọ ìyá gan-an. Régbérégbé ló fa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú: àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, nítorí náà tó bá dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ó ti fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn bí ẹni mú ìwé ìbí jáde. Ìyàwó kejì, àbúrò tó jẹ́ tísà, Orù, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tó lè tú àṣírí lórí ara rẹ̀ nìkan. Ẹ pa mẹ́ta pọ̀ nínú wọn, ó ti tán.

Bí mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀ rèé:

"Ọkọ mi kú ní àsìkò ọdún. Kò pẹ́ sí i, ọ̀kan nínú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá ti ilẹ̀kùn ilé tí à ń gbé, ó ní kí n kó irinṣẹ́ mi kúrò."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó sọnù ni pé ìyàwó kejì ni, ìyẹn sì ṣe kókó, torí níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìdí igi pín ogún, ipò ìyàwó ni ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ ọ́ síbòmíràn, ní àpapọ̀: iye tó jẹ́ ìyálé nínú àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀, iye tó jẹ́ ìyàwó, àti bí ìrírí wọn ṣe yàtọ̀. Ẹ má kàn so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn. Ẹ má sì yí òótọ́ padà láti fi bo ènìyàn, kí ẹ sọ tísà di awakọ̀ tàbí àbúrò di ẹ̀gbọ́n, àfi tí ẹ bá sọ fún òǹkàwé pé ẹ ti yí àwọn nǹkan padà. Ní tèmi, yíyọ kúrò sàn ju yíyí padà.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ má béèrè bóyá àjèjì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè pé, "Tí àbúrò ọkọ tó ti ilẹ̀kùn yẹn bá ka gbólóhùn yìí, ṣé á mọ̀ pé òun ni?" Ó lè mọ̀, torí ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó kàn wá ni bóyá ohun tó máa kà lè mú un fìyà jẹ obìnrin náà. Tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà kò ní wọ ìwé, bó ti wù kó dùn tó. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kì í jókòó sórí pẹpẹ lásán mọ́, wọ́n ń gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, ọmọ abúlé tó wà ní Èkó sì lè rí i lálẹ́ kan.

Irú orúkọ àfidípò wo ni kí n lò?

Nọ́ńbà ló rọrùn jù. Tí ẹ bá fẹ́ orúkọ kó lè dùn ún kà, ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìdílé. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀nà, Odù tàbí Ṣó máa ń tọ́ka sí agboolé kan, orúkọ tí ẹ rò pé ẹ dá sílẹ̀ sì lè jẹ́ ti ìdílé tó wà ní òpópónà kejì. Àìná, Òjó, Ìdòwú àti Táíyé ń sọ bí a ṣe bí ènìyàn, ẹ má fi wọ́n sí orí ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lo orúkọ àbísọ tó wọ́pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bíi Fúnmiláyọ̀ tàbí Bọ́lá, láìfi orúkọ bàbá kún un.

Fóònù, ohùn àti ìwé ńkọ́? Kí ni kí n kọ nípa wọn?

Ẹ kọ ọ̀nà tí ohùn máa gbà láti ẹnu obìnrin náà títí dé ojú ewé, kí ẹ dúró ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Fóònù ni ibùdó àkọ́kọ́. Fóònù lè máa gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí ibi ìpamọ́ orí ayélujára, bíi Google Drive, fúnra rẹ̀, kí ẹ pa ètò yẹn kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ jẹ́ "opó Ìyá Ìbejì," kó jẹ́ bíi `OD04.m4a`. Nọ́ńbà fóònù ìyá náà, tí ẹ bá ní in, kí ẹ má fi "opó" pamọ́ sí orúkọ rẹ̀ nínú fóònù yín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé ohùn sórí kọ̀ǹpútà tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ pa ti fóònù rẹ́.

Ibùdó kejì ni wọ́n máa ń gbàgbé: ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ohùn lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́nu géètì, ọmọ tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ á gbọ́ ohùn, á sì mọ̀ pé ìyá ọ̀rẹ́ òun ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Tí ẹ kò bá lè tẹ̀ ẹ́, ẹ wá ẹni tí kò ti agbègbè náà wá, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní tú àṣírí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé náà ti àlàyé yín.

Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ ènìyàn, tí ẹ bá nílò rẹ̀ rárá, kò gbọdọ̀ wà níbi kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa ya á.

Ṣé mo lè ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀?

Rárá. Ẹ̀yin mọ̀, torí ẹ jókòó níwájú rẹ̀. Alábòójútó yín lè gbọ́ ohùn náà. Ohun tí ẹ lè ṣèlérí ni pé ẹ kò ní sọ.

Ìlérí yẹn náà ní ààlà. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti 2011, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó wà láàrin lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀. Kò dárúkọ olùwádìí mọ́ ọn. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ń lọ, tí kóòtù sì pàṣẹ pé kí ẹ mú ohùn wá, ẹ kò ní ohun tí ẹ máa dúró lé lórí bí ti lọ́yà. Ìdí nìyẹn tí píparẹ́ ohùn lásìkò fi ṣe pàtàkì: ohun tí kò sí mọ́, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí àṣẹ tó dé ni o. Ẹni tó bá pa á rẹ́ lẹ́yìn tí àṣẹ kóòtù dé ti fa ẹjọ́ mìíràn sára rẹ̀. Láfikún, ẹ kò nílò ìtàn ẹjọ́ náà ní kíkún. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó má sọ ohun tí lọ́yà rẹ̀ ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ààlà kejì: tó bá sọ pé wọ́n ń lu ọmọ kékeré kan nínú ilé náà báyìí, ẹ kò lè panu mọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ fi tó létí sínú àlàyé yín.

Tó bá sunkún ńkọ́?

Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má gbà á nímọ̀ràn bí pásítọ̀ tàbí àfáà. Tó bá ti balẹ̀, òun ló máa sọ bóyá ká tẹ̀ síwájú. Ẹ kọ àwọn ibi tó lè rí ìrànlọ́wọ́ sínú àlàyé: àjọ Legal Aid Council, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí ẹ tó kọ wọ́n, ẹ fúnra yín lọ síbẹ̀ tàbí kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gbà ènìyàn àti ohun tí ó máa ná an. Kò dára ká ní kí ìyá wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí a ti tì.

Ọ̀kan ní òun fẹ́ kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀, kí ayé lè mọ̀.

Èyí máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá láàrin àwọn àgbà tí ẹ̀rù ẹnikẹ́ni kò bà mọ́. Ẹ má kàn sọ fún un pé òfin kò gbà, torí kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá jáde, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú àti ti àbúrò ọkọ tí kò sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀ ti jáde pẹ̀lú. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀, kí ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá ṣì dúró lórí rẹ̀, ẹ gbé e padà fún ìgbìmọ̀. Èrò tèmi ni pé tí ẹjọ́ bá ṣì ń lọ, kí ẹ má lo orúkọ náà. Tí kò bá sí ẹjọ́, tó jẹ́ ìtàn iṣẹ́ àti ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ, ẹ lè lò ó.

Tó bá ní kí n yọ ọ̀rọ̀ òun kúrò lẹ́yìn tí mo ti lọ?

Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti 2023 ní kí yíyọ ìyọ̀ǹda rọrùn bí fífún un ṣe rọrùn. Ẹnu ló fi fún yín, nítorí náà ẹ kò lè ní kó kọ lẹ́tà láti yọ ọ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù lórí káàdì kékeré tí a kọ "Ìwádìí gàrí" sí, kí ẹni tó bá rí i nínú ilé má bàa mọ ohun tó jẹ́. Ẹ sọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ṣeé yọ mọ́, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ ya ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ ènìyàn. Ẹ fi ohun tó lè rántí dá ọjọ́ náà fún un, bí Iléyá tàbí Kérésìmesì, kì í ṣe "ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ẹ jẹ́ ká rí bí àlàyé tó ti parí ṣe máa ń rí.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ inú àpẹẹrẹ wa lè rí báyìí. Kò gùn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè bi í ní ìbéèrè lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Opó méjìlá tó ń dín gàrí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú obìnrin mẹ́jọ tí kì í ṣe opó, kí a má bàa fi ìbẹ̀wò mi mọ ẹni tó jẹ́ opó. Ewu tó tóbi jù ni pé ẹbí ọkọ lè mọ ohun tí obìnrin kan sọ, kí wọ́n sì lé e kúrò nílé. Baálẹ̀ yóò fún mi láyè láti wọ abúlé, ṣùgbọ́n n kò ní gbà kó yan ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀, n kò sì ní sọ fún un ẹni tó gbà tàbí ẹni tó kọ̀. Mo tọrọ kí ìgbìmọ̀ gbà mí láyè láti lo ìyọ̀ǹda ẹnu, torí ìwé tí a tẹ̀ka sí ni yóò jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tó ní orúkọ wọn, ó sì lè dẹ́rù ba ẹni tó wà nínú àríyànjiyàn ilẹ̀. Màá ka ọ̀rọ̀ tí mo fi ti àlàyé yìí ní Ìjẹ̀bú, màá sì ní kí olùdáhùn sọ ọ́ padà. Ibi tí olùdáhùn bá yàn ni a ó ti sọ̀rọ̀. Èmi ni màá tẹ ohùn, láàrin ọjọ́ méje, màá sì pa á rẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti yẹ ohun tí mo tẹ̀ wò. N kò ní lo orúkọ ènìyàn, abúlé, ọmọ tàbí régbérégbé, n kò sì ní so ipò ìyálé tàbí ìyàwó mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tó bá lè mú kí ẹbí mọ olùdáhùn kí wọ́n sì pa á lára kò ní wọ ìwé. Màá sọ fún olùdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣáájú pé mo lè má lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ tí kóòtù bá pàṣẹ tàbí tí ọmọdé bá wà nínú ewu. Tó bá jẹ́ ti ọmọdé, alábòójútó mi ni màá kọ́kọ́ fi tó létí."

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo dé oko, nǹkan yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ó máa ń yí padà. Ó lè jẹ́ pé kò sí ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kankan, tó fi jẹ́ pé ilé gàrí nìkan ni ẹ ti lè sọ̀rọ̀, níbi tí ẹni mẹ́ta ti ń gbọ́. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè iṣẹ́ nìkan, kí ẹ dá ìyókù dúró, kí ẹ kọ ìwé kúkurú sí ìgbìmọ̀ pé ẹ fẹ́ yí ibi ìjókòó padà àti ìdí rẹ̀. Ẹ dúró de èsì wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun tí wọn kò tíì fọwọ́ sí.